“Orogún Mi, Oorun Lo Wá Sùn Ni?”: Bí A Ṣe Lè Túmọ̀ Ẹ̀fẹ̀ Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì Láìsọ Ọ́ Di Èébú

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí á jọ ṣe lójú ewé yìí, inú àṣìṣe tèmi ló ti wá.

Nígbà ìsinmi tó kọjá, mo lọ sí Kétu lọ́dọ̀ àwọn òbí bàbá mi. Lówúrọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé fóònù sórí àpótí, mo sì fi ya fídíò bí ìyá àgbà, bàbá àgbà àti àbúrò mi obìnrin ṣe ń fi ara wọn ṣe ẹ̀fẹ̀. Fídíò náà kò gùn ju ìṣẹ́jú kan lọ. Nígbà tí a padà sí Kàlàví, wọ́n ní kí kálukú wa mú ọ̀rọ̀ ẹnu kan wá, kí ó túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, kí ó sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ fídíò. Mo mú tèmi wá tayọ̀tayọ̀. Àwa tí a gbọ́ Yorùbá rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n àlejò kan wà láàárín wa, akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì wá, tí kò gbọ́ ju ohun tó ń kà lójú ẹ̀rọ lọ. Kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó fara balẹ̀, ó bi mí pé: “Ṣé ọmọbìnrin yẹn ni ìyàwó kejì bàbá náà? Kí ló dé tí ìyá náà fi ń bú u?”

Ojú tì mí. Ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ fídíò ti sọ ìyá àgbà mi di oníjà, ó sì ti sọ bàbá àgbà mi di ẹni tó fi ọmọ ọmọ rẹ̀ ṣaya. Bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá fi ìwé atúmọ̀-èdè yẹ iṣẹ́ mi wò, ẹ ò ní rí ọ̀rọ̀ kan tí mo túmọ̀ lódì.

Ọ̀rọ̀ náà bí wọ́n ṣe sọ ọ́

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ to ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀. Oòrùn ti yọ dáadáa, àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde láti inú yàrá. Ìyá àgbà ń dín àkàrà, bàbá àgbà jókòó lẹ́bàá ògiri.

1. Ìyá àgbà: Ẹ kú oorun o, madáàmù.
2. Àbúrò mi: Ẹ káàárọ̀, mà. Oorun ṣì ń kùn mí.
3. Ìyá àgbà: Orogún mi, oorun lo wá sùn ni, àbí ọkọ mi lo wá gbà?
4. Àbúrò mi: Ọkọ tí kò léyín mọ́, ta ló fẹ́ gbà á? Ẹ máa mú un lọ.
5. Bàbá àgbà: Ìyàwó mi, má dá a lóhùn. Owú ló ń jẹ ẹ́.
6. Ìyá àgbà, nígbà tí ọmọ ti ń jẹ àkàrà: Wò ó bó ṣe ń jẹun bí ẹni tí wọ́n ń lé! Wọ̀bìà, rọra. Wọn kì í fún yín lóúnjẹ ní yunifásítì ni?
7. Àbúrò mi: Ẹ̀bi yín ni. Ta ló ní kí ẹ sè é kó dùn tó báyìí?
8. Ìyá àgbà: Lọ jàre, ẹlẹ́nu dídùn!

Wo ìdáhùn kí o tó túmọ̀ ẹ̀fẹ̀

Lọ́dún 1940, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Radcliffe-Brown kọ àpilẹ̀kọ kan lórí àwọn ìbátan tí àṣà fún láyè láti máa fi ara wọn ṣe ẹ̀fẹ̀. Kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ọwọ́ méjì. Àkọ́kọ́ ni pé àṣà gba ẹnì kan láyè láti fi ẹnì kejì ṣe ẹ̀fẹ̀, nígbà mìíràn ó tilẹ̀ jẹ́ dandan. Èkejì ni pé àṣà kan náà ní kí ẹnì kejì má bínú. Òbí àgbà àti ọmọ ọmọ wà lára àwọn tó dárúkọ.

Ọwọ́ kejì yìí ni àwa tí a ń túmọ̀ máa ń gbàgbé. A máa ń dojú kọ gbólóhùn ẹni tó ń ṣe ẹ̀fẹ̀ nìkan, a ó máa wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bá a mu. Ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ kì í dá dúró. Ìdáhùn ẹni tí wọ́n fi ṣe ẹ̀fẹ̀ ló ń fi hàn pé ẹ̀fẹ̀ ni. Nítorí náà, ọ̀nà tí mo ń lò báyìí nìyí: mo máa ń kọ́kọ́ túmọ̀ ìdáhùn, lẹ́yìn náà ni mo máa ń padà sí ọ̀rọ̀ tó fa ìdáhùn náà. Mo máa ń bi ara mi pé: bí ẹnì kan bá sọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì yìí sí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ṣé ó lè dáhùn báyìí? Bí ìdáhùn náà bá ṣàjèjì, ìtúmọ̀ ti bàjẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé atúmọ̀-èdè ń gbè mí lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí á fi òṣùwọ̀n yìí wọn ọ̀rọ̀ mẹ́rin nínú fídíò náà.

“Ẹ kú oorun”: ọ̀wọ̀ tí kì í ṣe ọ̀wọ̀

Ìyá àgbà kì í fi “ẹ” bá àbúrò mi sọ̀rọ̀. Láti ìlà kẹta, “o” ló ń lò fún un. Ní ìlà àkọ́kọ́ nìkan ló fi “ẹ” àti “madáàmù” kí i. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rín wà: ó gbé ọmọ sípò àgbà nítorí pé ọmọ náà sùn bí ẹni tí kò níṣẹ́ ṣe. “Ẹ kú” náà tún ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. A máa ń fi kí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹni tó wà lọ́jà, ẹni tó jókòó. Láti fi kí ẹni tó sùn dìde ní ọ̀sán gangan ni pé kí á ka oorun sí iṣẹ́.

Àwa tí a kàwé ní Faransé máa ń ṣubú síbí yìí láìmọ̀. Faransé ní “ìwọ” àti “ẹ̀yin” tó yàtọ̀ síra fún ẹnì kan ṣoṣo, bí i ti Yorùbá. Nítorí náà, nígbà tí mo rò ó ní Faransé lọ́kàn mi, ẹ̀fẹ̀ náà ṣì wà níbẹ̀ digbí. Ìgbà tí mo wá ti Faransé bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì ló jábọ́ lọ́wọ́ mi, nítorí Gẹ̀ẹ́sì òde òní kò ní ju ọ̀rọ̀ kan lọ fún “ìwọ” àti “ẹ̀yin”. Mo kọ “Good sleep, madam.” Ẹni tó bá kà á yóò rò pé ìyá ń sọ fún ọmọ pé ó dàárọ̀. Ìdáhùn ọmọ náà sì ni “Ẹ káàárọ̀”! Ẹ rí i pé ìdáhùn ti tú àṣírí ìtúmọ̀.

Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ní tó lè rọ́pò “ẹ” yìí ni oyè ńlá. Bí òbí Gẹ̀ẹ́sì bá fẹ́ fi ọmọ tó sùn pẹ́ ṣe ẹ̀fẹ̀, ó lè pè é bí ẹni ń pe ọmọ ọba, ó sì lè kí i ní “ẹ káàsán” nígbà tí ọmọ ń retí “ẹ káàárọ̀”. Nítorí náà mo yí i sí “Good afternoon, Your Highness.” Oyè náà gbé ọ̀wọ̀ àwàdà, àkókò ìkíni sì gbé oorun. Nígbà tí ọmọ bá wá dáhùn pé “Morning”, ìdáhùn náà ti ní ìtumọ̀: kò gbà pé ọ̀sán ti pọ́n.

“Orogún mi” àti “ìyàwó mi”: ọ̀rọ̀ tó lè ba ènìyàn jẹ́

Èyí ló burú jù nínú àṣìṣe mi. Nílé wa, àti ní ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá, ìyá àgbà lè pe ọmọ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní “ọkọ mi”, bàbá àgbà lè pe ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní “ìyàwó mi”. Láti ibẹ̀ ni ọmọbìnrin náà ti di “orogún” ìyá àgbà. Kò sí ẹni tó ń ronú ìgbéyàwó. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ ni pé: o sún mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lè bá ọ ṣeré, ipò àgbà kò dí wa lọ́wọ́.

Mo kọ “My co-wife” fún orogún, mo sì kọ “My wife” fún ìyàwó mi. Ní Gẹ̀ẹ́sì, bàbá arúgbó tó bá pe ọ̀dọ́mọbìnrin ní ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ náà ni, àbí nǹkan tó burú ju ìyẹn lọ wà ńlẹ̀. Ìbéèrè àlejò wa kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ohun tí mo kọ ló kà.

Ọ̀nà àbáyọ kò sí nínú ọ̀rọ̀ “orogún” fúnra rẹ̀. Inú ìlà kejì ló wà. Níbẹ̀, àbúrò mi sọ pé “Ẹ káàárọ̀, mà.” Mo ti fo “mà” yẹn nítorí mo rò pé kò níṣẹ́. Nígbà tí mo fi “Grandma” sí ipò rẹ̀, gbogbo nǹkan yí padà. Ẹni tó ń kàwé ti mọ̀ pé ìyá àgbà àti ọmọ ọmọ ló ń sọ̀rọ̀, kó tó kan ọ̀rọ̀ gbígba ọkọ. Bí ìyá àgbà bá wá ń fi ẹ̀sùn kan ọmọ ọmọ pé ó fẹ́ jí ọkọ òun gbé, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì náà mọ̀ pé irọ́ gbuu ni, yóò sì rẹ́rìn-ín. Fún “orogún mi”, mo kọ “my little rival”. Ó sọ ìjọgbà ọkọ nù díẹ̀, ṣùgbọ́n “ọkọ” wà nínú gbólóhùn kan náà láti dá a padà. “Little” sì ni ọwọ́ ìyá tó ń fi orí ọmọ pa.

Ìdáhùn ọmọ náà yẹ fún àkíyèsí. “Ọkọ tí kò léyín mọ́, ta ló fẹ́ gbà á?” Bàbá àgbà tí ó ń fi “wọ́n” pè ní gbogbo ìgbà ló sọ di “á” àti “un” yìí. Kò pẹ́ sí i, nígbà tí eré ti parí, ó padà béèrè pé: “Bàbá, ṣé kí n bu omi wá fún yín?” Ìyípadà arọ́pò-orúkọ yìí ni ààlà eré. Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú ààlà bẹ́ẹ̀, nítorí náà mo fi “You keep him!” parí ìlà kẹrin: ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń sọ nípa ẹrù tí kò wù ú ni, ó sì bá “Ẹ máa mú un lọ” mu rẹ́gí.

Ní ti “ìyàwó mi”, mo jẹ́wọ́ pé mo pàdánù rẹ̀. Mo gbìyànjú onírúurú ọ̀rọ̀, gbogbo wọn ló ń mú ìfura wá. Ní ìkẹyìn mo kọ “princess”, èyí tí bàbá àgbà Gẹ̀ẹ́sì lè fi pe ọmọ ọmọ rẹ̀ láìsí wàhálà, mo sì jẹ́ kí owú ìyá àgbà gbé ẹ̀rín náà. Bí ó bá jẹ́ ìwé ni mo ń túmọ̀, tí àyè wà láti fi gbólóhùn kan ṣàlàyé àṣà náà ṣáájú, ǹ bá fi “wife” sílẹ̀. Ìsàlẹ̀ fídíò kò gba àlàyé. Ìlà méjì péré ni, ìlà kọ̀ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ ju nǹkan bí lẹ́tà 42 lọ, kí ẹni tó ń wò ó lè kà á tán kó tó kọjá.

“Wọ̀bìà, rọra”: láti orúkọ sí ìṣe

Yorùbá fẹ́ràn láti fi orúkọ pe ìwà: wọ̀bìà, ọ̀lẹ, aláṣejù, ẹlẹ́nu. Nínú ẹ̀fẹ̀, orúkọ náà kì í lẹ̀ mọ́ ènìyàn lára. Bí ọwọ́ eré bá ti kọjá, ó ti bọ́. Ní Gẹ̀ẹ́sì, bí o bá pe ènìyàn ní “glutton”, ó dà bí ìdájọ́ lórí gbogbo ìgbé-ayé rẹ̀. Nítorí náà, ohun tí mo ń ṣe ni pé mo ń kó ọ̀rọ̀ náà kúrò lórí ẹni, mo ń gbé e lé ohun tó ń ṣe ní àkókò náà. Àfiwé ti wà ńlẹ̀ fún mi: “bí ẹni tí wọ́n ń lé.” Àwòrán yìí la Gẹ̀ẹ́sì kọjá láìfarapa: “Slow down, nobody's chasing you!” Wọ̀bìà ti wà nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé a dárúkọ rẹ̀. Ìbéèrè nípa yunifásítì kò sì fẹ́ àtúnṣe kankan, nítorí àwọn ìyá Gẹ̀ẹ́sì náà ń béèrè irú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi èyí ṣe òfin fún gbogbo “wọ̀bìà”. Ká ní ọjà ni a wà, tí ẹnì kan sọ fún ẹlòmíràn pé “Wọ̀bìà ni ọ́!”, tí ẹni náà sì dáhùn pé “Ta lò ń bú bẹ́ẹ̀?”, èébú ni. Níbẹ̀, ẹni tó bá rọ̀ ọ́ lójú ti tan òǹkàwé jẹ. Ìhun gbólóhùn lè ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀: nínú fídíò, ìpè ni “wọ̀bìà”, àṣẹ pẹ̀lẹ́ sì tẹ̀ lé e, lọ́jà, “ni” ló so ó mọ́ ènìyàn lọ́rùn. Àmọ́ ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́ lè lo “ni” náà fún ẹ̀fẹ̀. Ìdáhùn ni adájọ́ tó kẹ́yìn: “Ẹ̀bi yín ni, ta ló ní kí ẹ sè é kó dùn?” kì í ṣe ìdáhùn ẹni tí wọ́n bú.

“Lọ jàre”: ọ̀rọ̀ kékeré tó ń rọ ọ̀rọ̀

“Lọ!” nìkan, àṣẹ ni. “Lọ jàre!” lẹ́yìn ìyìn, ó túmọ̀ sí pé inú mi dùn ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí o rí i. Mo ti kọ “Go! Sweet mouth!”, bí ẹni pé ìyá ń lé ọmọ kúrò nídìí oúnjẹ. Kò sí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó jẹ́ “jàre” níbi gbogbo, nítorí náà gbogbo gbólóhùn ni kí á wá irú rẹ̀. “Oh, go on” ni ó sún mọ́ ọn jù. “Oh” tó wà níwájú ló ń ṣe iṣẹ́ jàre. Ẹ̀yin yóò sì rí i pé níhìn-ín mo fi orúkọ túmọ̀ orúkọ: “flatterer” fún ẹlẹ́nu dídùn. Orúkọ tó ń yin ènìyàn lábẹ́lẹ̀ kò léwu bí èyí tó ń dá a lẹ́bi.

Àkọlé tí mo fún fídíò náà pàápàá ṣì mí lọ́nà. Mo kọ “Grandmother mocks her granddaughter” nítorí ọ̀rọ̀-ìṣe Faransé tó wà lórí ahọ́n mi jọ “mock”. Ṣùgbọ́n “mock” ní ẹ̀gàn nínú. “Tease” ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe ohun tí ìyá àgbà mi ṣe.

Iṣẹ́ náà lẹ́yìn àtúnṣe

```
1
Good afternoon, Your Highness.

2
Morning, Grandma. I'm still half asleep.

3
Well, my little rival: here to nap,
or to steal my husband?

4
That one? He's got no teeth left.
You keep him!

5
Don't answer her, princess.
Your grandma's just jealous.

6
Slow down, nobody's chasing you!
Don't they feed you at that university?

7
It's your own fault, Grandma.
Who told you to cook so well?

8
Oh, go on, you flatterer!
```

Mo fi èyí han àlejò wa lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ìlà kẹrin ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, kò sì béèrè ẹni tí ọmọbìnrin náà jẹ́ mọ́. Nígbà tí mo pe ìyá àgbà lórí fóònù, tí mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni pé: “Ṣé o sọ fún un pé mo ní eyín, tèmi?”

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ẹ gbìyànjú èyí wò. Ìyá àgbà rí ọmọ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún méje, tó ń ti ọjà bọ̀. Ó ní: “Ọkọ mi, kí lo rà bọ̀ fún mi lọ́jà?” Ọmọ náà dáhùn pé: “Owó tí ẹ fún mi kò tó nǹkan, ìyàwó mi.” Ẹ kọ́kọ́ túmọ̀ ìdáhùn. Ẹ kíyè sí i pé “ẹ” àti “ìyàwó mi” jọ wà lẹ́nu ọmọ kan náà. Lẹ́yìn náà kí ẹ pinnu bóyá “husband” lè dúró ní ìlà àkọ́kọ́, níwọ̀n ìgbà tí ó ti jẹ́ pé ọmọ kékeré ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, tí ojú sì ń rí i nínú fídíò. Èrò tèmi ni pé ó lè dúró. Ẹni tó bá rò pé kò lè dúró, kí ó mú ìlà tirẹ̀ wá, kí á jọ fi ìdáhùn ọmọ náà wọ̀n ọ́n.